Ìtumọ̀ Ọ̀rọ̀: Sikọ́láṣíìpù Ọlọ́fẹ̀ẹ́ Pátápátá

Èyí ni ìrànwọ́ ẹ̀kọ́ tó ń san owó ilé-ìwé, owó oúnjẹ òun ilé, àti owó ọkọ̀ òfuurufú lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹni tó ń sanwó ló ń pinnu irú ẹni tí wọ́n máa mú.

Chevening ti ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń wá ẹni tó lè di aṣáájú nílùú rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ ti ṣiṣẹ́ tó wákàtí 2,800, kó sì padà sílé fún ọdún 2 lẹ́yìn ẹ̀kọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, tí kò tíì ṣiṣẹ́ kankan, kò lè rí i gbà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló ṣe ipò kìíní ní kíláàsì.

Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni Clarendon ti Yunifásítì Oxford ń wò, torí ìmọ̀ ìwé ló ṣe pàtàkì níbẹ̀. Kò ní fọ́ọ̀mù ọ̀tọ̀: ẹni tó bá tètè wá àyè sí Oxford ti wọ inú rẹ̀. Àwọn tó bá pẹ́ ló ń pàdánù.

Mastercard Foundation ní tirẹ̀ ń wo ọpọlọ àti àìlówó pọ̀. Ẹ mọ ohun tí olówó ń wá kẹ́ ẹ tó kọ̀wé sí i.