Ta Ni Ọ̀gá Ta? Bí Okùn Àṣẹ Ṣe Kúrò Nínú Àwòrán Wọ Inú Àtẹ

Ní ọdún 1855, Daniel McCallum ni alábòójútó àgbà nílé iṣẹ́ rélùwéè New York and Erie ní Amẹ́ríkà. Ojú irin tó wà níkàáwọ́ rẹ̀ gùn tó nǹkan bíi 500 máìlì. Ọ̀gá tó ń bójú tó 50 máìlì lè mọ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ lójú àti lórúkọ, ṣùgbọ́n apá ẹnì kan kò lè ká 500 máìlì. Ni òun àti ẹnjiníà kan, George Holt Henshaw, bá ya àwòrán ilé iṣẹ́ náà bí igi: ìgbìmọ̀ àwọn olùdarí ló wà nísàlẹ̀, níbi gbòǹgbò, àwọn ẹ̀ka sì ń yọ lọ sókè dé ọ̀dọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ojú ọ̀nà. Òfin tó wà nídìí igi yẹn ni pé ọ̀dọ̀ ọ̀gá tó wà lórí ẹni tààrà nìkan ni kí èèyàn ti máa gba àṣẹ.

Àwòrán dára lójú, ṣùgbọ́n a kò lè bi í ní ìbéèrè. Lẹ́yìn tí Edgar Codd ti IBM gbé èrò rẹ̀ lórí títo ìmọ̀ sínú àtẹ jáde ní 1970, igi náà wá di òpó méjì péré: nọ́ńbà òṣìṣẹ́, àti nọ́ńbà ọ̀gá rẹ̀. Àpẹẹrẹ tí àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ títo ìmọ̀ sínú àtẹ mọ̀ jù ni àtẹ `EMP` tí Oracle fi ń kọ́ni, tó ní òṣìṣẹ́ 14. `SMITH` wà lábẹ́ `FORD`, `FORD` wà lábẹ́ `JONES`, `JONES` wà lábẹ́ `KING`, òpó ọ̀gá `KING` sì ṣófo, nítorí kò sí ẹni tó wà lórí rẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú àtẹ kékeré yẹn ni àwọn akọ̀wé rẹ̀. Mẹ́rin ni wọ́n, `CLERK` sì ni orúkọ ipò gbogbo wọn. Àwọn méjì wà lábẹ́ `MANAGER`, àwọn méjì tó kù wà lábẹ́ `ANALYST`. Ẹni tó bá fẹ́ fi orúkọ ipò mọ ọ̀gá wọn yóò ṣi ìdajì wọn mú. Orúkọ ipò máa ń sọ irú iṣẹ́ tí èèyàn ń ṣe. Kì í sọ ẹni tó ń jíhìn fún.

Ní Nàìjíríà, ìgbìmọ̀ Jerome Udoji dábàá ní 1974 pé kí iṣẹ́ ìjọba ní ìpele owó oṣù 17. Ìyẹn jẹ́ kí a lè fi ipò ẹ̀ka kan wé ti òmíràn, bí orúkọ wọn tilẹ̀ yàtọ̀. Síbẹ̀, ẹni méjì lè wà ní ìpele 12 kí ọ̀gá wọn máà jẹ́ ọ̀kan náà.

Ẹ jẹ́ ká wo ibi tí iṣẹ́ kíkó àwòrán wọ inú àtẹ ti máa ń le. Ẹ̀ka ìṣúná ya àwòrán tirẹ̀, ó kọ "Akáúńtáǹtì, Ètò Ìlera" sí i, ó sì fi ìlà tótòtó so ó mọ́ akáúńtáǹtì àgbà. Ẹ̀ka ìlera náà ya tirẹ̀, ó kọ "Olórí Ìṣirò Owó", ó sì fi ìlà gidi so ó mọ́ olùdarí ìlera. Ẹni tó bá ń kọ orúkọ ipò sílẹ̀ yóò ka èèyàn méjì. Ìwé owó oṣù ló máa ń tú àṣírí: nọ́ńbà òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Nítorí náà, nọ́ńbà ni kó jẹ́ ìdí àtẹ. Kí a da orúkọ tí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ń pè é kọ bó ṣe wà, kí orúkọ tí gbogbo wọn fẹnu kò sí wà ní òpó tirẹ̀. Láti mọ ọ̀gá rẹ̀, ìbéèrè tó dára jù ni pé: ta ló ń fọwọ́ sí ìwé ìsinmi rẹ̀, ta ló sì ń kọ ìgbéléwọ̀n rẹ̀ lọ́dọọdún? Bí olùdarí ìlera bá ni, nọ́ńbà tirẹ̀ ló wọ òpó ọ̀gá. Ìlà tótòtó lọ sínú àtẹ mìíràn, nítorí òpó kan kò gba ọ̀gá méjì.

Lẹ́yìn èyí ni àyẹ̀wò. Kí a kọ́kọ́ ka àwọn tí òpó ọ̀gá wọn ṣófo: ẹnì kan ṣoṣo ló yẹ kó jẹ́. Lẹ́yìn náà, kí a bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀, ká máa sọ̀ kalẹ̀. Láti 1999 ni ìlànà SQL ti ní ọ̀nà fún ìyẹn:

```sql
WITH RECURSIVE okun AS (
  SELECT empno FROM emp WHERE mgr IS NULL
  UNION ALL
  SELECT e.empno FROM emp e
  JOIN okun o ON e.mgr = o.empno)
SELECT empno FROM emp
WHERE empno NOT IN (SELECT empno FROM okun);
```

Ẹni tó bá jáde níbí, okùn kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó lè jẹ́ pé nọ́ńbà ọ̀gá tí a kọ fún un kò sí nínú àtẹ rárá, bóyá ọ̀gá náà ti fẹ̀yìn tì. Ó sì lè jẹ́ pé ẹni méjì ń pe ara wọn ní ọ̀gá. Èyí máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí àwòrán ẹ̀ka kan bá ti pẹ́ ju ti èkejì lọ. Nígbà náà, kọ̀ǹpútà ò ní ràn wá lọ́wọ́ mọ́. Àfi ká gbé àtẹ náà dání, ká lọ bá àwọn méjèèjì níbi iṣẹ́ wọn, ká béèrè ẹni tó fọwọ́ sí ìsinmi wọn gbẹ̀yìn.