Láti Báìtì sí Lẹ́tà: Ìtàn Adápítà Kan Nínú Java àti Ohun Tí Ó Ń Fi Orúkọ Akẹ́kọ̀ọ́ Wa Ṣe

Ẹni tó bá ń pe orúkọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní gbọ̀ngàn ìkẹ́kọ̀ọ́ ní ìlú Enugu lè bá Ngọzi àti Fẹmi pàdé nínú ìwé orúkọ kan náà. Ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan tí a ti ṣiṣẹ́ rí, ohun tí kọ̀ǹpútà tẹ̀ jáde fún wa ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ni `Ngá»�zi` àti `Fẹmi`. Àwọn kan ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ló bàjẹ́, àwọn mìíràn ní ẹni tó tẹ orúkọ wọlé kò mọṣẹ́. Kò sí èyí tó rí bẹ́ẹ̀ nínú méjèèjì. Adápítà kan tó wà láàárín fáìlì àti ètò tó ń kà á ló ṣe àṣìṣe, ìtàn adápítà náà sì ni a fẹ́ sọ nínú iṣẹ́ yìí, nítorí pé ọ̀pọ̀ wa ti kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ láti tẹ̀ ẹ́ láìsọ fún wọn ohun tó ń ṣe.

Orúkọ àti ibi tó ti wá

Gbogbo ẹni tó ti gba ẹ̀rọ tòkunbọ̀ ló mọ adápítà. Ẹ̀rọ náà dé pẹ̀lú púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ méjì, sọ́kẹ́ẹ̀tì ara ògiri wa sì jẹ́ oníhò mẹ́ta onígun. A kì í wó ògiri, a kì í sì í gé wáyà ẹ̀rọ. A ó ra ohun kékeré kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá ògiri mu, tí iwájú rẹ̀ sì gba púlọ́ọ̀gì náà.

Ní 1994, Erich Gamma, Richard Helm, Ralph Johnson àti John Vlissides tẹ ìwé kan jáde tó kó ìlànà ìkọ̀ètò mẹ́tàlélógún jọ. Wọ́n yá èrò náà lọ́wọ́ Christopher Alexander, ayàwòrán-ilé tó ti kọ nípa ilé àti ìlú bẹ́ẹ̀ ní 1977. Adápítà jẹ́ ọ̀kan nínú mẹ́tàlélógún náà. Àlàyé rẹ̀ kò gùn: kíláàsì àtijọ́ kan wà tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí a fi ń pè é kò bá ọ̀nà tí ìyókù ètò ń retí mu. A ó kọ kíláàsì kékeré kan tí yóò gbé ti àtijọ́ sínú ara rẹ̀, tí yóò máa gba ìpè lọ́nà tuntun, tí yóò sì máa yí i padà sí ìpè tí ti àtijọ́ gbọ́. A kò fọwọ́ kan kíláàsì àtijọ́, a kò sì fọwọ́ kan ìyókù ètò. Àpẹẹrẹ inú ìwé náà jẹ́ ti ètò ìyàwòrán kan tó fẹ́ lo kíláàsì ọ̀rọ̀ tí a kò kọ fún àwòrán rárá. Ó dára, ṣùgbọ́n ó jìnnà sí wa. Èyí tó wà nítòsí wà nínú Java.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín 1996 àti 1997

Nígbà tí ilé-iṣẹ́ Sun Microsystems gbé Java 1.0 jáde ní oṣù kìíní ọdún 1996, kíláàsì tó ń ka ohun wọlé ni `InputStream`. Báìtì ni ó ń fúnni. Bí a bá pe `read()`, nọ́ńbà kan láti 0 dé 255 ni yóò dá padà, tàbí -1 bí ohun tó ń kà bá ti tán. Èyí tọ́ fún àwòrán àti ohùn. Fún ọ̀rọ̀ kíkọ, ó tọ́ fún èdè bíi Gẹ̀ẹ́sì, nítorí báìtì kan péré ni lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì kọ̀ọ̀kan ń gbà.

Ṣùgbọ́n lẹ́tà inú Java fúnra rẹ̀ kì í ṣe báìtì kan. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni `char` rẹ̀ ti jẹ́ báìtì méjì, ti Unicode, tí ọ, ẹ àti ṣ sì ní ààyè tiwọn níbẹ̀. Ojú ọ̀nà àbáwọlé ni ìṣòro wà. Ọ̀nà kan wà nígbà náà tí a fi ń ka ìlà kan lẹ́ẹ̀kan, `readLine()` ti `DataInputStream`, tó ń sọ báìtì kọ̀ọ̀kan di lẹ́tà kọ̀ọ̀kan láìbéèrè ohunkóhun. Nígbà tí ìpele 1.1 jáde ní oṣù kejì ọdún 1997, àwọn tó ṣe Java fi àmì ìkọ̀sílẹ̀ sí i, wọ́n sì sọ ìdí rẹ̀ ní gbangba pé kì í yí báìtì sí lẹ́tà bó ṣe yẹ.

Kí ni kí wọ́n wá ṣe sí `InputStream`? Wọn kò lè pa á rẹ́, nítorí ọ̀pọ̀ ètò ti ń lò ó, àwòrán àti ohùn sì ṣì nílò báìtì. Wọ́n dá ìdílé tuntun sílẹ̀, `Reader`, tí `read()` tirẹ̀ ń dá lẹ́tà padà, láti 0 dé 65535. Wọ́n wá fi afárá kan sí àárín ti àtijọ́ àti ti tuntun. Afárá náà ni `InputStreamReader`, òun sì ni adápítà tí à ń sọ. Ìlà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ń há sórí nìyí:

```java
BufferedReader ka = new BufferedReader(
    new InputStreamReader(System.in));
```

Ẹ jẹ́ ká kà á láti inú wá sí ìta. `System.in` jẹ́ `InputStream`, kíláàsì 1996 tí kò kúrò níbẹ̀ títí di òní. `InputStreamReader` gbé e sínú, ó sì yọjú gẹ́gẹ́ bí `Reader`. `BufferedReader` tó wà níta kì í ṣe adápítà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun náà gbé nǹkan sínú: ó gba `Reader`, `Reader` náà ló sì jẹ́ síta, agbára ìka-ìlà ló kàn fi kún un. Bí a ṣe ń dá wọn mọ̀ nìyẹn. A ó wo ohun tó wọlé àti ohun tó jáde. Bí irú wọn bá yàtọ̀, adápítà ni. A ti rí ìwé ìdánwò tó pe méjèèjì ní orúkọ kan náà, a sì gbà pé ẹ̀tọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ni láti gba máàkì rẹ̀ padà níbẹ̀.

Ohun tí kíláàsì àtijọ́ kò sọ

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti gbóná nìyí. Adápítà ara ògiri ń tún ojú púlọ́ọ̀gì ṣe, kì í tún agbára iná ṣe. Ẹni tó bá fi adápítà ki ẹ̀rọ Amẹ́ríkà oní-110 fóòtì bọ inú iná wa tó ju 220 lọ yóò rí i pé púlọ́ọ̀gì wọlé wẹ́rẹ́, kí èéfín tó jáde. Bákan náà, kí `InputStreamReader` tó lè sọ báìtì di lẹ́tà, ó gbọ́dọ̀ mọ òfin tí ẹni tó kọ fáìlì náà fi sọ lẹ́tà di báìtì. `InputStream` kò mọ òfin yìí, nítorí náà kò lè sọ ọ́. Títí di 2022, bí olùkọ̀ètò náà kò bá sọ ọ́, adápítà a máa lo òfin tó bá lọ́wọ́ ẹ̀rọ. Lórí Windows tí a fi èdè Gẹ̀ẹ́sì tò, òfin náà sábà máa ń jẹ́ `windows-1252`, tí ẹ àti ọ kò sí nínú rẹ̀ rárá.

Ẹ jẹ́ ká tẹ̀lé orúkọ méjèèjì. A kọ fáìlì náà ní `UTF-8`. F, m àti i gba báìtì kọ̀ọ̀kan, ẹ gba mẹ́ta: `E1 BA B9`. Fẹmi jẹ́ lẹ́tà mẹ́rin, báìtì mẹ́fà. Adápítà tó ń lo `windows-1252` ka báìtì kọ̀ọ̀kan sí lẹ́tà kan: `E1` di á, `BA` di º, `B9` di ¹. Orúkọ náà di `Fẹmi`, `length()` rẹ̀ sì di 6 dípò 4. Àmì tí a fi ń mọ àìsàn yìí nìyí: gbogbo lẹ́tà tó ní àmì sí ìsàlẹ̀ di mẹ́ta, tí èyí àkọ́kọ́ sì jẹ́ á. Ụ kékeré ti Ìgbò ń di `ụ` lọ́nà kan náà.

Àwọn wọ̀nyí ṣì ṣeé gbà là, nítorí báìtì wọn kò sọnù. A lè yí wọn padà sẹ́yìn. Ti ọ ló burú. Báìtì rẹ̀ ni `E1 BB 8D`, `8D` sì jẹ́ ọ̀kan nínú ààyè márùn-ún tí `windows-1252` kò fún ní lẹ́tà kankan. Java fi àmì ìbéèrè inú dáyámọ́ńdì rọ́pò rẹ̀. Bí ètò bá wá tọ́jú orúkọ náà padà, `8D` ti lọ pátápátá, kò sì sí ọ̀nà àtimọ̀ láti ara fáìlì tuntun náà pé ọ ló wà níbẹ̀. Lẹ́tà tó ṣòfò yìí ni ọ Yorùbá, òun náà sì ni ọ tí ìgbìmọ̀ Ọnwụ fọwọ́ sí fún Ìgbò ní 1961, nígbà tí Enugu jẹ́ olú-ìlú Ẹkùn Ìlà-Oòrùn. Ọ ńlá kò bá a pín nínú ìyà yìí: `8C` ni ó parí sí, èyí tó ní lẹ́tà tirẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi lè tún orúkọ tó fi Ọ bẹ̀rẹ̀ ṣe, tí Ngọzi yóò sì wà ní ahoro.

Ojútùú rẹ̀ ti wà láti 1997: sọ òfin náà fún adápítà.

```java
InputStream odo = new FileInputStream("oruko.txt");
Reader ka = new InputStreamReader(odo,
    StandardCharsets.UTF_8.newDecoder());
```

Ìdí tí a fi fi `newDecoder()` sí i ni pé, láìsí i, adápítà tó bá rí báìtì tí kò yé e yóò fi dáyámọ́ńdì dí ojú rẹ̀, yóò sì máa lọ ní ìdákẹ́jẹ́. Pẹ̀lú rẹ̀, ètò yóò dúró, yóò sì pariwo `MalformedInputException`. Lójú tiwa, ó sàn kí ètò wó ní ọ́fíìsì ju kí orúkọ wó lórí ìwé-ẹ̀rí lọ.

Bí ó ṣe pẹ́ tó

Ohun tó mú kí àìsàn náà pẹ́ ni kíláàsì kan tó fẹ́ ṣe wá lóore. `FileReader`, tí òun náà dé ní 1997, jẹ́ adápítà kan náà tí a ti so mọ́ fáìlì kí ìlà kóòdù lè kúrú. Ṣùgbọ́n kò fi àyè sílẹ̀ láti sọ òfin fún un títí di Java 11 ní 2018. Fún ọdún mọ́kànlélógún, ẹni tó bá yan ọ̀nà kúkúrú ti gbà kí ẹ̀rọ yan òfin fún òun. Ọ̀nà kúkúrú yìí sì ni ọ̀pọ̀ ìwé ìkọ́ni fi ń ṣe àpẹẹrẹ.

Ní oṣù kẹta ọdún 2022, Java 18 sọ `UTF-8` di òfin tí adápítà yóò lò nígbà tí a kò bá sọ ọ̀kan fún un. Ìròyìn ayọ̀ ni fún Ngọzi. Ó wá yí wàhálà sí ìhà kejì: fáìlì àtijọ́ tí a tọ́jú ní `windows-1252`, tí a kọ Adé pẹ̀lú àmì ohùn sínú rẹ̀. Báìtì kan ni é níbẹ̀, `E9`. Lábẹ́ `UTF-8`, `E9` ń ṣèlérí pé báìtì méjì ṣì ń bọ̀. Wọn kò wá, Adé sì di `Ad�`. Java fi `-Dfile.encoding=COMPAT` sílẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ padà sí ìṣe àtijọ́, ṣùgbọ́n gbogbo fáìlì tí ètò náà bá ń kà láìsí òfin ni yóò kàn, àtijọ́ àti tuntun. Níbi tí irú fáìlì méjèèjì bá ti dà pọ̀ nínú àpótí kan, bí ó ti rí ní ọ́fíìsì tí a ti lo ètò kan fún ogún ọdún, adápítà méjì ni a ó lò, òfin kọ̀ọ̀kan fún ìkọ̀ọ̀kan, ẹnì kan yóò sì jókòó yà wọ́n sọ́tọ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni ó gbà wá ní kọ́lẹ́ẹ̀jì náà, a sì fi ọwọ́ kọ àwọn orúkọ tó ní ọ padà láti inú fọ́ọ̀mù ìgbàwọlé wọn.