Dídín Owó-orí Kù Lọ́nà Òfin àti Sísá fún Owó-orí: Ìyàtọ̀ Tó Yẹ Kí Oníṣòwò Kékeré Mọ̀

Ọ̀nà méjì ni oníṣòwò lè gbà tí owó-orí rẹ̀ yóò fi kéré. Èkínní ni pé kí ó lo àǹfààní tí òfin fúnra rẹ̀ là sílẹ̀. Èyí ni dídín owó-orí kù, kò sì sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú rẹ̀. Èkejì ni pé kí ó fi owó tó wọlé pamọ́, tàbí kí ó kọ ìnáwó tí kò ná sílẹ̀. Èyí ni sísá fún owó-orí, ọ̀ràn sì ni. Ìbéèrè méjì ni a fi ń mọ ìyàtọ̀ wọn: ǹjẹ́ ohun tí a kọ sílẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní tòótọ́? Ǹjẹ́ gbogbo owó tó wọlé ni a sì fi hàn?

Ohun tí òfin gbà láàyè

Òfin Owó-orí Nàìjíríà ti ọdún 2025 bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní, oṣù kìíní, ọdún 2026. Ẹni tó ń dá ṣòwò, tí kò sọ iṣẹ́ rẹ̀ di kóńpìnnì, yóò san owó-orí lórí èrè rẹ̀ fún ìpínlẹ̀ tó ń gbé. Kí a tó ṣírò owó-orí náà, yóò kọ́kọ́ yọ ìnáwó tó jẹ́ ti òwò nìkan kúrò. Lẹ́yìn èyí, yóò yọ owó ìfẹ̀yìntì tí ó dá, àti ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún owó ilé tí ó ń gbé, bí èyí kò bá ti ju ₦500,000 lọ. Nínú ohun tó kù, ₦800,000 àkọ́kọ́ kò ní owó-orí rárá. Lórí ₦2,200,000 tó tẹ̀ lé e, ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún ni. Ìdá náà ń ga sí i lórí owó tó bá ju èyí lọ.

Àpẹẹrẹ aránṣọ kan

Ẹ jẹ́ kí a wo aránṣọ kan tí ₦9,000,000 wọlé fún lọ́dún. Ó ra aṣọ àti òwú ní ₦4,200,000, ó san ₦400,000 fún ṣọ́ọ̀bù, ó ra epo jẹnẹrétọ̀ ní ₦500,000, ó sì san ₦900,000 fún àwọn òṣìṣẹ́. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦6,000,000, èrè rẹ̀ sì jẹ́ ₦3,000,000. Bí ó bá dúró níbẹ̀, owó-orí rẹ̀ yóò jẹ́ ₦330,000.

Ṣùgbọ́n ó ń san ₦600,000 fún ilé tó ń gbé, òfin sì gbà á láàyè láti yọ ₦120,000 nítorí rẹ̀. Ó dá ₦180,000 sí àpò ìfẹ̀yìntì. Èyí tó kù jẹ́ ₦2,700,000, owó-orí rẹ̀ sì wálẹ̀ sí ₦285,000. Ó fi ₦45,000 pamọ́ sí àpò ara rẹ̀ láìpurọ́ fún ẹnikẹ́ni. Dídín owó-orí kù nìyẹn.

Ibi tí ó ti di ọ̀ràn

Bí aránṣọ yìí kan náà bá ní kí àwọn oníbàárà san ₦2,000,000 sínú àkáǹtì àbúrò rẹ̀, tí kò sì kọ ọ́ sílẹ̀, èrè rẹ̀ lórí ìwé yóò di ₦1,000,000, owó-orí rẹ̀ yóò sì di òfo. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ tú ara rẹ̀ fó. Bí a bá yọ owó ilé àti owó ìfẹ̀yìntì kúrò nínú èrè yẹn, ₦220,000 péré ni ó kù fún oúnjẹ, owó ilé-ìwé àti aṣọ fún odidi ọdún. Ayẹ̀wéwò yóò béèrè ibi tí ìyókù ti ń wá. Ọ̀kan náà ni kí ó kọ owó ilé tó ń gbé sílẹ̀ bí owó ṣọ́ọ̀bù, kí ó lè yọ gbogbo rẹ̀.

Ibi tí ààlà ti ṣòro

Bí ó bá ń san ₦600,000 fún ọkọ rẹ̀ ńkọ́? Bí ọkọ náà bá ń ṣe ìwé ìṣirò òwò ní tòótọ́, tí owó náà tó iṣẹ́ náà, tí òun náà sì fi í hàn nínú owó tirẹ̀, ìnáwó òwò ni. Bí kò bá ṣe iṣẹ́ kankan, orúkọ lásán ni. Òfin gba àjọ owó-orí láàyè láti pa irú ètò àfọwọ́dá bẹ́ẹ̀ tì, kí ó sì tún owó-orí náà ṣírò.

Ìwé àti ọjọ́

A rọ àwọn oníṣòwò láti tọ́jú rìsíìtì, ìwé àdéhùn ilé àti àkọsílẹ̀ báǹkì, nítorí ìnáwó tí kò ní ẹ̀rí ṣòro láti gbèjà, bó tilẹ̀ jẹ́ òtítọ́. Ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù kẹta ni gbèdéke láti fi ìwé owó-orí ọdún tó kọjá ránṣẹ́, kódà bí ìṣirò bá fi hàn pé kò sí owó-orí láti san. Ẹni tí kò bá fi ránṣẹ́ yóò san ìtanràn ₦100,000 fún oṣù àkọ́kọ́ àti ₦50,000 fún oṣù kọ̀ọ̀kan tó bá tẹ̀ lé e.