Abala Kẹtàdínlógún

Ní ọjọ́ kejì oṣù karùn-ún ọdún 1889, Mẹ́nélíìkì Kejì ti Etiópíà bá Ítálì ṣe àdéhùn Wuṣálè ní èdè Àmháríìkì àti ti Ítálì. Abala kọkàndínlógún ní èdè méjèèjì bára mu. Ṣùgbọ́n ní abala kẹtàdínlógún, Àmháríìkì ní ọba lè bá àwọn ìjọba Yúróòpù sọ̀rọ̀ nípasẹ̀ Ítálì; ti Ítálì ní ó ti gbà láti máa ṣe bẹ́ẹ̀. Ítálì sọ pé Etiópíà di ilẹ̀ abẹ́ ààbò òun. Mẹ́nélíìkì kọ̀, ogun Ádúwà ti 1896 ló parí ọ̀rọ̀ náà.

Bí a bá ń kọ ìwé àdéhùn ní Yorùbá àti Faransé, a kì í da èdè kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ ní òpó tirẹ̀ bí ti ìwé ìròyìn. Bí ìhà kan bá gùn díẹ̀, gbogbo ohun tó wà nísàlẹ̀ yóò yẹ̀; abala kẹrin yóò kọjú sí ìkarùn-ún. Àtẹ ni kí a fà: ìlà kan fún abala kan, nọ́ńbà kan náà ní ìhà méjèèjì, kí ọ̀rọ̀ méjèèjì bẹ̀rẹ̀ láti òkè àpótí. Ìhà tó kúrú yóò ṣẹ́ àyè òfìfo kù, kò burú. Abala tó bá gùn, kí a pín in ní gbólóhùn-gbólóhùn.

Àtẹ yóò fi abala tó sọnù hàn wá, ṣùgbọ́n kò lè fi ọ̀rọ̀ tó yí padà hàn. Nítorí náà, ẹni méjì ni yóò kà á láti òsì sí ọ̀tún, ní ìlà kọ̀ọ̀kan: níbi tí Yorùbá bá ti wí pé “lè”, kí Faransé má ṣe wí pé “gbọ́dọ̀”.