Ọ̀nà Kan Ò Wọ Ọjà: Pípọ́n Tòmátò Lójú Kọ̀ǹpútà

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ẹni tó bá takú sí ìlànà kan ṣoṣo làwọn àgbà máa ń pa òwe yìí fún. Ohun tí òwe náà kò là lẹ́nu, tí gbogbo ọlọ́jà sì mọ̀, ni pé ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ló ní ẹrù tó bá a mu. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ lọ̀rọ̀ àwọ̀ rí nínú àwòrán tí kọ̀ǹpútà ń yẹ̀ wò. Àwọ̀ kan náà ni, ṣùgbọ́n ó ju ọ̀nà kan lọ tí a lè gbà kọ ọ́ sílẹ̀, iṣẹ́ tí a fẹ́ fi ṣe ló sì yẹ kó pinnu èyí tí a ó gbà.

Ọ̀nà ti ẹ̀rọ ni RGB. Ní píksẹ̀lì kọ̀ọ̀kan, nọ́ńbà mẹ́ta ló wà, láti 0 dé 255: ti pupa (R), ti àwọ̀ ewé (G) àti ti búlúù (B). Bí kámẹ́rà ṣe ń fún wa ní àwòrán nìyẹn, bí ojú fóònù sì ṣe ń tàn án nìyẹn. HSI ní tirẹ̀ sún mọ́ bí ènìyàn ṣe ń sọ̀rọ̀ àwọ̀. H ni irú àwọ̀, tí a ń fi dígírì wọ̀n yí ká òbìrípo: pupa wà ní 0, àwọ̀ ewé ní 120, búlúù ní 240. S ni bí àwọ̀ náà ṣe kún tó, láti 0 tí í ṣe àwọ̀ eérú lásán, dé 1 tí kò ní àbùlà rárá. I ni ìmọ́lẹ̀ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú iṣẹ́ kan. A to tòmátò sórí pákó, a sì fẹ́ kí kámẹ́rà ya èyí tó pọ́n sọ́tọ̀. Níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti bà á dáadáa, píksẹ̀lì tòmátò tó pọ́n jẹ́ 180, 60, 30. Ẹ̀gbẹ́ kejì tòmátò kan náà wà nínú òjìji, ìdajì ìmọ́lẹ̀ ló dé ibẹ̀: 90, 30, 15. Tòmátò tútù tó wà nítòsí rẹ̀ jẹ́ 90, 140, 50, pákó sì jẹ́ 150, 120, 95. Bí a bá ní kí kọ̀ǹpútà mú gbogbo ibi tí R ti ju 120 lọ, yóò kó pákó mọ́ tòmátò, yóò sì fi ẹ̀gbẹ́ tó wà nínú òjìji sílẹ̀. Bí a bá sọ ààlà náà kalẹ̀ sí 80, tòmátò tútù yóò wọlé, nítorí 90 ni R tirẹ̀ náà. Kò sí ibi tí a lè fi ààlà R nìkan sí tí yóò gbà.

Ohun tó fà á ni pé nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan nínú RGB ń sọ ọ̀rọ̀ méjì pa pọ̀: irú àwọ̀ àti iye ìmọ́lẹ̀ tó bà á. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ti dín, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń dín. HSI ló ń tú ọ̀rọ̀ méjèèjì kúrò lára ara wọn, báyìí:

```
I = (R + G + B) / 3
S = 1 - min(R, G, B) / I
θ = arccos( 0.5*((R-G)+(R-B)) / sqrt((R-G)^2 + (R-B)*(G-B)) )
B <= G:  H = θ
B > G:   H = 360 - θ
```

Fún tòmátò tó wà nínú ìmọ́lẹ̀, àròpọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ́ 270, nítorí náà I jẹ́ 90. Èyí tó kéré jù jẹ́ 30. A fi 90 pín in, a yọ ọ́ kúrò nínú 1, S di 0.67. Nínú ìlà kẹta, 135 ló wà lókè, 137.5 ló wà nísàlẹ̀, H sì bọ́ sí nǹkan bíi dígírì 11. Ẹ wá ṣe ti inú òjìji: I di 45, ṣùgbọ́n S ṣì jẹ́ 0.67, H ṣì jẹ́ 11. Gbogbo ìyàtọ̀ tí òjìji mú wá ti kó sínú I. H ti tòmátò tútù bọ́ sí nǹkan bíi 94. Ti pákó jẹ́ 27, kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà, ṣùgbọ́n S tirẹ̀ kò ju 0.22 lọ. Bí a bá wá bi kọ̀ǹpútà pé níbo ni H ti sún mọ́ pupa, tí S sì ju 0.4 lọ, tòmátò tó pọ́n nìkan ló máa jáde, tòun ti ẹ̀gbẹ́ tó ṣókùnkùn.

Ní ìta gbangba, òjìji kì í dín mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kù dọ́gba, nítorí ìmọ́lẹ̀ ojú sánmà tó ń wọ inú rẹ̀ ní búlúù nínú. H á yẹ̀ díẹ̀, nítorí náà a gbọ́dọ̀ fún un láyè, bíi láti 345 títí kọjá 0 dé 20. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀. Òbìrípo ni H, 358 àti 2 jọ jẹ́ pupa, ṣùgbọ́n ẹni tó bá rò wọ́n pọ̀ tó sì pín in sí méjì yóò rí 180, àwọ̀ tó dojú kọ pupa látòkèèrè. Mi ò gbà rárá pé kí ẹnikẹ́ni máa pín H báyẹn. Bí àwòrán bá ní ẹ̀gbin kéékèèké tí a fẹ́ fi àárín àwọn píksẹ̀lì tó yí i ká fọ̀, inú RGB ni ká ti ṣe é, níbi tí ìṣirò àárín ti ní ìtumọ̀ fún nọ́ńbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ibi kejì tí H ti ń tan ni jẹ nínú òkùnkùn àti lára àwọ̀ eérú. Ẹ wo 12, 10, 10: H rẹ̀ jẹ́ 0. Ẹ wo 10, 12, 10: ó di 120. Ojú wa kò lè mọ ìyàtọ̀ dúdú méjèèjì, ṣùgbọ́n àṣìṣe kámẹ́rà tí kò ju 2 lọ ti gbé H rìn dé ìdá mẹ́ta òbìrípo. Bí R, G àti B bá wá dọ́gba, ìlà kẹta á pín òdo pẹ̀lú òdo, kò sí H kankan níbẹ̀. Àmì rẹ̀ kì í fara sin: bí a bá fi H nìkan hàn bí àwòrán, òjìji á kún fún àmì tótòtó aláràbarà. Kí a tó gba H gbọ́, ká kọ́kọ́ yẹ S àti I wò bóyá wọ́n tó nǹkan.

Ẹni tó ń lo OpenCV gbọ́dọ̀ mọ̀ pé HSI kọ́ ni `cv2.COLOR_BGR2HSV` ń fún un. V níbẹ̀ ni èyí tó tóbi jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kì í ṣe àárín wọn. S tòmátò wa á di 0.83, H á di 12, àmọ́ nínú àwòrán oníbíìtì 8, ìdajì dígírì ló ń kọ sílẹ̀, 6 ni a ó rí. Ààlà tí a bá ṣírò fún ọ̀kan kò ṣeé gbé fún èkejì.

Iṣẹ́ mìíràn tí mo fẹ́ràn HSI fún ni títan ìmọ́lẹ̀ sí àwòrán tó ṣú. Ẹni tó bá fa R, G àti B gùn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ yóò ba irú àwọ̀ jẹ́, nítorí ìdíwọ̀n kan náà kọ́ ló máa fà wọ́n. I nìkan ló yẹ ká fà, ká sì padà sí RGB. Bí H kò bá tó 120, báyìí ni a ṣe ń padà:

```
B = I*(1 - S)
R = I*(1 + S*cos(H)/cos(60 - H))
G = 3*I - (R + B)
```

Láti 120 sókè, a ó yọ 120 kúrò lára H, G á gba ipò R, B á gba ti G, R á gba ti B. Láti 240, a ó yọ 240, a ó sì tún yí wọn lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ dán an wò pẹ̀lú tòmátò wa: 180, 60, 30 ló máa padà wá. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé I láti 90 lọ sí 150, R á di 300, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ kò mọ ohun tó ju 255. Bí a bá kàn gé e síbẹ̀, a ó ní 255, 100, 50, H á sì ti yẹ̀ láti 11 lọ sí 13.5. Yálà ká má ṣe jẹ́ kí I ju 127 lọ, tàbí ká dín S kù sí 0.467. Bí a bá ṣe èyí kejì, 255, 115, 80 ló jáde: pupa náà á ṣá díẹ̀, ṣùgbọ́n H á dúró sórí 11.