Ajá Tó Ń Họra Tọ̀sán-Tòru: Ṣé Fílì Ni, Ṣé Oúnjẹ Ni, Àbí Àyíká?

Lọ́dún tó kọjá, ìyàwó mi ní kí n yan ọ̀kan nínú méjì: kí Bingo jáwọ́ nínú ara híhọ lóru, tàbí kí n wá ẹni tí màá fà á lé lọ́wọ́. Mi ò lè bá a jà. Ilé wa ní Ìbà kò tóbi, tí ajá yẹn bá sì ti ń họra, ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa gbá ilẹ̀kùn gbà-gbà-gbà títí ilẹ̀ fi máa mọ́.

Bingo jẹ́ àdàlù ajá Jámánì àti ajá ilé wa, ó sì lé díẹ̀ ní ọmọ ọdún méjì nígbà yẹn. Ó ti lá ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ títí irun ibẹ̀ fi pọ́n bí ìpẹtà. Inú etí rẹ̀ pupa, ó gbóná. Lókè ìrù rẹ̀, irun ti re, awọ ibẹ̀ sì ti le.

Gbogbo àdúgbò ló di dókítà. Mẹkáníìkì kan ní kí n fi ọ́ìlì ẹ́ńjìn tó ti dúdú pa á lára. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò láé: májèlé ni, ó ń jó awọ, ajá á sì tún lá a sínú. Ẹnì kan ní Òkókómáíkò gún un lábẹ́rẹ́, ara híhọ náà dáwọ́ dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì, ó sì padà dé. Ẹlòmíì ní adìyẹ ló fà á, n ò fún un ní adìyẹ fún ọjọ́ mẹ́wàá, kò sí ìyàtọ̀. Ìgbà tí mo dé ọ̀dọ̀ dókítà ẹranko gidi ni mo tó mọ ibi tí gbogbo wa ti ṣìnà. Ohun tí mo kọ́ níbẹ̀ ni mo kó jọ síbí.

Ọ̀tá mẹ́ta, ojú kan náà

Àlẹ́jì mẹ́ta ló sábà máa ń mú ajá họra láìdẹ́kun. Èkíní ni ti fílì, kòkòrò kékeré tó ń fò lára ajá (kì í ṣe eégbọn o, eégbọn kì í fò). Itọ́ rẹ̀ ni ara ajá kọ̀. Èkejì ni ti oúnjẹ. Ẹ̀kẹta ni èyí tí àwọn dókítà ń pè ní atópíkì dẹmatáítísì, tí màá máa pè ní àlẹ́jì àyíká. Ajá tó ní in, wọ́n bí i mọ́ ọn ni: awọ rẹ̀ kò dí dáadáa, ara rẹ̀ sì ń bá àwọn nǹkan tí kò lè pa á lára jà, pàápàá àwọn kòkòrò inú eruku tí ojú wa ò lè rí, àti lẹ́búlẹ́bú òdòdó. Ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín oṣù mẹ́fà sí ọdún mẹ́ta. Kòkòrò inú eruku fẹ́ràn ooru àti ọ̀rinrin, ẹ̀yin náà sì mọ bí Èkó ṣe rí. Ìdí nìyí tí kì í fi í dáwọ́ dúró níbí, òjò ni o, ẹ̀ẹ̀rùn ni o.

Kókó ọ̀rọ̀ wá nìyí: kò sí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kankan tó lè dá fi hàn pé àlẹ́jì àyíká ló ń yọ ajá lẹ́nu. Ohun tó bá ṣẹ́ kù lẹ́yìn tí a bá ti yọ gbogbo èyí tó kù kúrò ni. Nítorí náà, ẹni tó bá fo ìgbésẹ̀ kan, àbá lásán ló ń dá.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ lé fílì jáde

Ibi tí ajá ti ń họra máa ń sọ̀rọ̀. Àlẹ́jì fílì fẹ́ràn ẹ̀yìn ìsàlẹ̀, ìdí ìrù àti ẹ̀yìn itan. Àlẹ́jì àyíká fẹ́ràn ẹsẹ̀, inú etí, abíyá, ikùn àti ojú. Tí ó bá jẹ́ etí etí gan-an, ìyẹn bèbè rẹ̀, àti ìgúnpá ni ó ti ń họra jù, ẹ fura sí kúrúnà ajá, èyí tó lè ran ẹ̀yin náà.

Dókítà fi ìyarun tí eyín rẹ̀ há ya irun ẹ̀yìn Bingo, ó gbọn ohun tó jáde sórí bébà funfun tó ti rẹ sómi. Àwọn nǹkan dúdú wínníwínní kan wà níbẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, omi àyíká wọn pọ́n. Ìgbẹ́ fílì ni, ẹ̀jẹ̀ Bingo fúnra rẹ̀ ló sì wà nínú rẹ̀. Mo ní, “Dókítà, mi ò rí fílì kankan lára rẹ̀ rí.” Ó rẹ́rìn-ín. Ajá tí ara rẹ̀ kọ itọ́ fílì, ìgé díẹ̀ ti tó láti dà á láàmú, àti pé bó ṣe ń họra yẹn, òun fúnra rẹ̀ ló ń gbé wọn mì.

Ó fún un ní tábúlẹ́ẹ̀tì kan tí wọ́n ń pè ní fùlúralánà, tó ń pa fílì fún ọ̀sẹ̀ méjìlá, tó sì ń ká kúrúnà náà. Ó tún ní kí n tọ́jú ológbò ilé kejì, kí n fọ aṣọ tí Bingo ń sùn lé, kí n sì máa gbá abẹ́ àga. Ìdí ni pé ẹyin àti ọmọ fílì inú ilé pọ̀ ju àgbà tó wà lára ajá lọ. Ó tún rí i pé ìdọ̀tí ara híhọ ti fa kòkòrò àrùn sí awọ àti etí rẹ̀, ó sì tọ́jú ìyẹn pẹ̀lú, torí awọ tó ti kẹ̀ máa ń yún fúnra rẹ̀.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, irun hù padà lókè ìrù. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ àti etí, bákan náà ni. Fílì wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ kò dá wà.

Ìgbésẹ̀ kejì: ìdánwò oúnjẹ

Ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń ṣìnà. Tí ẹ bá wo ajá tó ní àlẹ́jì oúnjẹ àti èyí tó ní àlẹ́jì àyíká, ojú lásán ò lè dá wọn mọ̀ yàtọ̀: ẹsẹ̀ náà ni, etí náà ni, ikùn náà ni. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, itọ́ tàbí irun tí wọ́n ń tà fún àlẹ́jì oúnjẹ kò ṣe é gbára lé. Ìdánwò oúnjẹ nìkan ló kù.

Ẹ máa fún ajá ní ẹran kan ṣoṣo àti oúnjẹ amáralókun kan ṣoṣo tí kò tíì jẹ rí. Dókítà ní kí n kọ gbogbo ohun tí Bingo ti jẹ rí sílẹ̀: orí àti ẹsẹ̀ adìyẹ láti ọjà Ìyànà Ìbà, egungun màlúù, orí ẹja kótè, ìrẹsì, ẹ̀bà, búrẹ́dì, mílíìkì. Adìyẹ lọ, màlúù lọ, ẹja lọ. Ewúrẹ́ àti àgùntàn náà kò dára tó, torí wọ́n sún mọ́ màlúù, ara tó kọ ọ̀kan lè kọ èkejì. Ehoro àti ọ̀dùnkún la mú. Mo rí ẹni tó ń sin ehoro nítòsí Ọ̀jọ́, mò ń bọ abọ́ ẹran kan mọ́ abọ́ ọ̀dùnkún méjì. Kò sí iyọ̀, kò sí ata, kò sí mágí, kò sí àlùbọ́sà (àlùbọ́sà tilẹ̀ lè ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́). Mo fi ọjọ́ márùn-ún pa oúnjẹ tuntun pọ̀ mọ́ ti àtijọ́ díẹ̀díẹ̀ kí inú rẹ̀ má bàa bàjẹ́. Ajá àgbà lè fara da irú oúnjẹ yìí fún oṣù méjì. Ọmọ ajá tó ń dàgbà kò gbọ́dọ̀ jẹ ẹ́ láìsí dókítà, torí kò pé.

Ọ̀sẹ̀ mélòó? Mẹ́jọ, ó kéré tán. Ní ọdún 2015, àwọn onímọ̀ awọ ẹranko mẹ́ta, Olivry, Mueller àti Prélaud, kó àwọn ìwádìí tó ti wà nílẹ̀ jọ. Wọ́n rí i pé tí ẹ bá dúró fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún, ara á ti tu nǹkan bí ajá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá tó ní àlẹ́jì oúnjẹ. Tó bá di ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, ó ti lé ní mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá. Ẹ wá ronú sí ọjọ́ mẹ́wàá tí mo fi dán adìyẹ wò.

Nǹkan kékeré ló ń ba ìdánwò yìí jẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ọmọ mi jù bísíkíìtì sí Bingo, dókítà sì ní ká ka ọ̀sẹ̀ padà láti ìbẹ̀rẹ̀. Oògùn aran náà máa ń ní adùn màlúù tàbí adìyẹ nínú. Tábúlẹ́ẹ̀tì fílì tó ṣe é jẹ lẹ́nu náà bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi fún Bingo ní tirẹ̀ ṣáájú. Ó sì ní kí n má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gún un ní irú abẹ́rẹ́ Òkókómáíkò yẹn mọ́. Abẹ́rẹ́ sitẹ́rọ́ídì ni, ó ń pa ara yíyún ti ohunkóhun mọ́lẹ̀, ẹ ò sì ní mọ̀ bóyá oúnjẹ ló ṣiṣẹ́ àbí oògùn.

Gbogbo ọjọ́ Sunday, mò ń kọ máàkì ara híhọ sílẹ̀, láti òdo dé mẹ́wàá.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ dá oúnjẹ àtijọ́ padà

Ajá méjì la jọ ṣe ìdánwò yìí lásìkò kan náà, torí aládùúgbò wa kan ní ajá tirẹ̀ tó ń họra. Ti tirẹ̀ bọ́ láti 8 sí 2 nígbà tó fi máa pé ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Inú rẹ̀ dùn, ó fẹ́ dúró síbẹ̀. Dókítà ní rárá: ara lè tù ú torí ìdí mìíì. Àfi kó dá oúnjẹ àtijọ́ padà, kó sì wò ó fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ó fún un ní ẹran màlúù. Lọ́jọ́ kẹta, ajá náà ti ń jẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ. Ó dá a padà sórí ehoro, ara tún tù ú. Àlẹ́jì oúnjẹ nìyẹn, ẹ̀rí sì wà. Lẹ́yìn náà ló dán adìyẹ wò lọ́tọ̀, kò sí nǹkan kan. Ajá yẹn ń jẹ adìyẹ báyìí, kò kàn fojú kan màlúù mọ́.

Ti Bingo ńkọ́? 7 ló wà nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ ehoro, 7 náà ló wà lọ́sẹ̀ kẹjọ. Mo bínú. Mo rò pé mo ti fi owó àti àkókò ṣòfò. Dókítà ní kò rí bẹ́ẹ̀. Fílì ti lọ, kúrúnà kò sí, awọ ti mọ́, oúnjẹ kò jẹ̀bi. Ọjọ́ orí tó bẹ̀rẹ̀ bá a mu, ẹsẹ̀ iwájú àti inú etí bá a mu. Àlẹ́jì àyíká ló kù.

Èyí kò ṣe é wò sàn pátápátá, àmọ́ ó ṣe é ṣàkóso. Bingo ti padà sórí orí adìyẹ rẹ̀, owó ehoro dópin. Ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ la ń fi ṣampú rẹ̀ wẹ̀ ẹ́, a ń fi omi gbígbóná fọ aṣọ tó ń sùn lé, oògùn fílì kò gbọ́dọ̀ já láéláé, torí ìgé fílì díẹ̀ á tún ti gbogbo rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Tí ara rẹ̀ bá le gan-an, dókítà ń fún un ní pẹrẹdinisolóònù ní ìwọ̀nba tó kéré jù lọ, lọ́jọ́ kan yọ ọjọ́ kan. Oògùn tuntun kan wà, òkílasítínìbù, tí kò ní wàhálà sitẹ́rọ́ídì, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ju agbára mi lọ fún ojoojúmọ́.

Máàkì rẹ̀ lọ́jọ́ Sunday tó kọjá jẹ́ 3. Ilẹ̀kùn wa ti sinmi, ìyàwó mi náà sì ti ń sùn.