Ibi Tí Ọfà Ti Gbéra: Yíyẹ Ìrìn Ẹlẹ́kítírọ́nì Wò Nínú Ìtúká Ésítà

Bí akẹ́kọ̀ọ́ kẹ́mísírì bá fa ọfà láti ara H⁺ lọ sí ara ọ́síjìn, ohun tó ní lọ́kàn hàn gbangba: háídírójìn ń lọ síbẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni àṣìṣe rẹ̀ wà. Ọfà títẹ̀ kì í sọ ibi tí átọ́ọ̀mù ń lọ. Láti ọdún 1922 tí William Kermack àti Robert Robinson ti fi ọfà yìí sínú ìwé ìwádìí, nǹkan kan ṣoṣo ló ń sọ: ẹlẹ́kítírọ́nì méjì kúrò níbi tí ìdí ọfà wà, wọ́n sì lọ síbi tí orí rẹ̀ dé. H⁺ kò ní ẹlẹ́kítírọ́nì kankan. Ẹni tí kò ní, kí ni yóò fún ẹlòmíràn? Ọ́síjìn ló ní, ara ọ́síjìn sì ni ọfà ti gbọ́dọ̀ gbéra.

Ohun tí mo fẹ́ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ níhìn-ín ni pé àyẹ̀wò méjì ló wà fún ọfà, ọ̀kan kò sì lè dúró fún èkejì. Ti àkọ́kọ́ jẹ́ ìṣirò tí a lè fi pẹ́ńsùlù ṣe. Èkejì ń béèrè bóyá ohun tí a yà ṣẹlẹ̀ lóòótọ́, ìdánwò inú yàrá ìwádìí nìkan ló sì lè dáhùn rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká mú ésítà kan, ẹ́táìlì ásítéètì, CH₃COOCH₂CH₃, kí a dà á sínú omi tí sódíọ̀mù háídírọ́ksáídì wà nínú rẹ̀. Ìyípadà yìí kò ṣàjèjì sí wa: ésítà inú epo ni àwọn ìyá tó ń fi omi eérú se ọṣẹ dúdú ń tú ká.

Ọ́síjìn inú HO⁻ ní ẹlẹ́kítírọ́nì méjì-méjì lọ́nà mẹ́ta tí kò fi so mọ́ ohunkóhun. Láti ara ọ̀kan nínú wọn ni a ó ti fa ọfà àkọ́kọ́, orí rẹ̀ yóò sì kan kábọ́ọ̀nù tí ìdè oníméjì so mọ́ ọ́síjìn. Kábọ́ọ̀nù yẹn ti ní ìdè mẹ́rin tẹ́lẹ̀. Bí a bá dúró síbẹ̀, ìdè rẹ̀ di márùn-ún, ẹlẹ́kítírọ́nì mẹ́wàá yí i ká, bẹ́ẹ̀ sì rèé, mẹ́jọ péré ló lè gbà. Nítorí náà ọfà kejì pọn dandan: yóò gbéra láàárín ìdè C=O, yóò sì balẹ̀ sórí ọ́síjìn. Ọfà kejì yìí ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń gbàgbé. Wọ́n á kàn kọ O⁻ sínú àwòrán tó tẹ̀ lé e, nítorí wọ́n ti rí i nínú ìwé, láì sí ọfà tó gbé e débẹ̀.

Báwo la ṣe ń mú irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀? Ẹ bo àwòrán tó tẹ̀ lé e mọ́lẹ̀ pẹ̀lú bébà, kí ẹ wá ṣírò ṣáàjì láti ara ọfà nìkan. Gbogbo ọfà ń fi ẹyọ kan kún ṣáàjì ẹni tó yọ̀ǹda ẹlẹ́kítírọ́nì, ó sì ń yọ ẹyọ kan kúrò lára ẹni tó gbà á. Ọ́síjìn inú HO⁻ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú −1. Ó yọ̀ǹda, ó di òfo. Kábọ́ọ̀nù gba ẹyọ kan lọ́wọ́ ọfà àkọ́kọ́, ó yọ̀ǹda ẹyọ kan fún ọfà kejì, ó dúró sí òfo tó wà. Ọ́síjìn orí ìdè oníméjì gbà, ó di −1. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ −1 kí ọfà tó gbéra, −1 náà ni lẹ́yìn rẹ̀. Bí ọfà kejì kò bá sí, kábọ́ọ̀nù ni −1 yóò já lé lórí, ìdè márùn-ún yóò sì wà lára rẹ̀: àṣìṣe náà á hàn kedere.

Mo ní láti kìlọ̀ nípa àmì −. Àṣà kan wà láti fa ọfà láti ara àmì yẹn fúnra rẹ̀, bí ẹni pé òun ni ẹlẹ́kítírọ́nì. Fún HO⁻, kò fi bẹ́ẹ̀ pa nǹkan lára. Ṣùgbọ́n ẹ wo BH₄⁻: bórọ́ọ̀nù ní ẹlẹ́kítírọ́nì mẹ́ta tirẹ̀ àti ìdè mẹ́rin, ìyẹn 3 − 4, tó fún wa ní −1. Kò sí ẹlẹ́kítírọ́nì méjì kankan tó dá wà lórí rẹ̀. Gbogbo ohun tó ní ti wà nínú ìdè, inú ìdè B–H sì ni ọfà ti gbọ́dọ̀ gbéra. Ẹni tó bá ń tọ àmì yóò ṣìnà níbí.

Ká padà sórí ésítà wa. Ní ìgbésẹ̀ kejì, O⁻ yóò dá ẹlẹ́kítírọ́nì méjì padà láti tún ìdè oníméjì ṣe, ìdè tó so kábọ́ọ̀nù mọ́ OCH₂CH₃ yóò já, ẹlẹ́kítírọ́nì rẹ̀ yóò sì bá ọ́síjìn lọ. Ohun tó kù ni CH₃COOH àti CH₃CH₂O⁻. Ìgbésẹ̀ kẹta yá kánkán: ọfà kan láti ara O⁻ sí háídírójìn ásíìdì, òmíràn láti inú ìdè O–H sórí ọ́síjìn rẹ̀. pKa ásíìdì yìí jẹ́ 4.76, ti ẹ́tánọ̀lù sì tó 16, nítorí náà háídírójìn náà kò tún ní padà sẹ́yìn.

Níbí ni ìṣirò ti dé òpin agbára rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan ya ipa-ọ̀nà mìíràn: ọfà láti ara HO⁻ lọ sí kábọ́ọ̀nù CH₂, ọfà kejì láti inú ìdè tó wà láàárín CH₂ àti ọ́síjìn sórí ọ́síjìn náà. Ẹ ṣírò rẹ̀. Kábọ́ọ̀nù ní ìdè mẹ́rin, àpapọ̀ ṣáàjì jẹ́ −1, ásítéètì àti ẹ́tánọ̀lù náà la rí níkẹyìn. Ọfà rẹ̀ kò ní àbùkù kankan. Olùkọ́ tó bá fagi lé e nítorí pé kò bá ti inú ìwé mu kò tíì sọ ìdí fún akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀.

Ìdí náà wà nínú iṣẹ́ tí Michael Polanyi àti A. L. Szabo ṣe ní ọdún 1934. Wọ́n fi álíkálì tú ésítà kan tó jọ tiwa, ámáìlì ásítéètì, ká nínú omi tí ọ́síjìn 18 pọ̀ nínú rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Bó bá jẹ́ pé kábọ́ọ̀nù ọtí ni háídírọ́ksáídì kọlù, ara ọtí ni à bá ti rí ọ́síjìn wúwo yẹn. Wọn kò rí i níbẹ̀. Ọ́síjìn tí ọtí náà ní nínú ésítà ló ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, èyí tó fi hàn pé ẹ̀gbẹ́ kejì ọ́síjìn yẹn ni ìdè ti já. Ìdánwò yìí ló dá ipa-ọ̀nà méjèèjì yà.

Ní 1951, Myron Bender tún fi ọ́síjìn 18 sí orí ìdè oníméjì ẹ́táìlì bẹ́ńsóéètì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú u ká, ó sì gba ésítà tí kò tíì túká padà. Ọ́síjìn 18 inú rẹ̀ ti dín kù. Èyí túmọ̀ sí pé HO⁻ ti wọlé sára àwọn kan, háídírójìn ti ṣí láti orí ọ́síjìn kan sí èkejì, ọ́síjìn àtijọ́ sì ti bá ọ̀nà tí àlejò gbà wọlé jáde. Ọ̀pọ̀ ìwé kì í ya ṣíṣí háídírójìn yìí. Èmi máa ń yà á, pẹ̀lú ọfà tirẹ̀, láàárín ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ àti ìkejì: ọ̀kan láti ara O⁻ sí háídírójìn omi, ọ̀kan láti inú ìdè O–H omi sórí ọ́síjìn rẹ̀, lẹ́yìn náà, HO⁻ tó kù á mú háídírójìn orí ọ́síjìn kejì lọ.